Lẹ́tà tí mo kọ sí àwọn òbí kí a tó lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ lẹ́tà yìí. Ti àkọ́kọ́ gùn tó ojú ìwé méjì, ó sì wù mí lójú. Mo ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ mùsíọ́ọ̀mù, mo sọ bí ìrìn náà ṣe bá iṣẹ́ tí a ń ṣe ní kíláàsì mu, ó di ìpínrọ̀ karùn-ún kí n tó mẹ́nu ba owó. Ṣùgbọ́n kí n tó pín in, mo fi han ìyá kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé. Ó ka ìlà mẹ́ta, ó ṣí i sẹ́yìn, ó tún ṣí i síwájú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, èló ni wọ́n ń san? Aago mélòó lẹ sì ń dé?" Ìdáhùn méjèèjì wà nínú lẹ́tà tó mú lọ́wọ́. Kò kàn rí wọn ni.

Mo ya ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, mo jókòó ti owó ná, nítorí mo rí i pé èmi fúnra mi ò tíì mọ iye náà dájú. Mo ti pín owó bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà 36, nítorí pé ọmọ 36 ló wà ní kíláàsì mi. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni owó bọ́ọ̀sì, ọ̀tọ̀ ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé iye orí: bí ọmọ kan kò bá lọ, owó tirẹ̀ kò jáde. Bọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò mọ̀ bóyá ọmọ 36 ló wọ̀ ọ́ tàbí ọmọ 20, iye kan náà ni dírẹ́bà máa gbà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká ka owó ní ẹyọ-ẹyọ. Ká ní bọ́ọ̀sì jẹ́ ẹyọ 720, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ 10. Tí mo bá fi ọmọ 36 pín owó bọ́ọ̀sì, ẹyọ 20 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì, ó di 30. Tó bá wá jẹ́ pé ọmọ 30 péré ló san, ẹyọ 900 ló máa wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹyọ 1,020 ni mo nílò. Ẹyọ 120 tó kù yẹn, ta ló máa san án? Èmi ni o, àbí kí n tún máa kọ lẹ́tà kejì láti bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n fi kún un. Kò sí òbí tó fẹ́ gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọmọ 30 ni mo fi pín in, ó sì di ẹyọ 34 lórí ọmọ kan. Ti àwọn àgbà tó máa tẹ̀ lé wa kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a lọ kì í gbowó lọ́wọ́ àgbà tó bá kó ọmọ ilé-ìwé wá. Mo béèrè èyí kí n tó ṣírò, torí kì í ṣe gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kọ, tí mo ní láti kọ́kọ́ gbàṣẹ lé lórí: pé a kò ní fi ọmọ kankan sílẹ̀ nítorí owó. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ìlérí ni. Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo ní tí òbí méjì tàbí mẹ́ta kò bá lè san ńkọ́? Wọ́n ní ilé-ìwé máa gbé ti ọmọ mẹ́ta, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa ṣe. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, mo kọ pé "wọn yóò kọ́ ohun púpọ̀ nípa ayé àtijọ́". Òbí wo ni ìyẹn máa wúlò fún? Mo lọ wo ibẹ̀ fúnra mi ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú yàrá kan ṣoṣo nínú gbogbo yàrá tó wà níbẹ̀, mo sì kọ ohun tí a máa ṣe gan-an. Báyìí ni lẹ́tà kejì ṣe jáde:

"Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n,

A fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù yìí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a máa gbéra, aago mẹ́ta ọ̀sán ni a máa dé. Owó ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 34: bọ́ọ̀sì 24, tíkẹ́ẹ̀tì 10. Owó oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di oúnjẹ àti omi fún ọmọ yín. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4, ni a máa gba owó mọ.

Ọmọ 30 ni a fi pín owó bọ́ọ̀sì. Bí àwọn tó san bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kọ́kọ́ fi èyí tó bá lé ran ẹni tí kò lè san lọ́wọ́, a ó sì sọ fún yín bí a ṣe ná an. Bí owó náà kò bá rọrùn, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ láàárín èmi àti ẹ̀yin nìkan. A kò ní fi ọmọ kankan sílẹ̀ nítorí owó.

Ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà ni yóò wà lábẹ́ àgbà kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan nǹkan kan ṣoṣo, yóò wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì ka àkọlé rẹ̀, yóò sì ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ohun tó rò pé wọ́n fi ṣe é, ibi tó ti gbó tàbí tí wọ́n ti tún un ṣe, àti ibi tí ọwọ́ ẹni tó ń lò ó máa ń dì mú. Ìgbà náà ni yóò tó ka àkọlé. Ẹ fún un ní pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò."

Àwọn òbí méjì béèrè ìdí tí kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ bírò. Yíńkì tó bá ta sára aṣọ tàbí igi tó ti pẹ́ kò ṣeé fọ̀ kúrò, àmì pẹ́ńsù sì máa ń rọrùn láti mú kúrò. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀: iyọ̀ tó wà nínú òógùn ọwọ́ wa máa ń jẹ irin àti idẹ díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kí n ti kọ ìlà kan nípa rẹ̀ sínú lẹ́tà.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ibi tí wọ́n máa gé dá padà wà: orúkọ ọmọ, "mo gbà" tàbí "mi ò gbà", nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan máa gbé lọ́jọ́ náà, àti oògùn tàbí ohun tí ara ọmọ kì í gbà. Mo fi "mi ò gbà" sí i tinútinú. Láìsí i, ìwé tí kò padà wá lè túmọ̀ sí pé òbí kọ̀, ó sì lè túmọ̀ sí pé ìwé náà ṣì wà nísàlẹ̀ báàgì. Ọjọ́ 7 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń fẹ́ iye ọmọ tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí owó dúró ní ọjọ́ 4, kí n lè rí ọjọ́ mẹ́ta wá ìwé tó sọnù. Mẹ́rin ló sọnù lóòótọ́. Inú báàgì ni mo ti rí mẹ́ta.

Ọmọ 33 ló lọ. Òbí 31 san pé, méjì kò lè san, àwọn mẹ́ta kọ̀, àwọn ọmọ wọn sì bá kíláàsì kejì jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹyọ 1,054 ló wọlé, ẹyọ 1,050 ló jáde, a kò sì dé ibi owó tí ọ̀gá ṣèlérí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan fún gbogbo òbí láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹyọ mẹ́rin tó kù kò ṣeé pín fún èèyàn 31, mo fi ra pẹ́ńsù sí kíláàsì.