Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ: bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Àbújá

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwa òṣìṣẹ́ ìlera tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá ṣe ìpàdé ọdọọdún wa nígbà tí ẹ̀gbọ́n tó ń ṣètò rẹ̀ pè mí. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìdánwò ìṣègùn kan tó kan iṣẹ́ mi, pé Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ yóò jẹ́, àti pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo ní. Agbẹ̀bí ni mí, ní agbègbè Kúbwà. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Àwọn tí yóò jókòó síwájú mi ló mú iṣẹ́ náà le: dókítà eyín, apòògùn, àwọn ará láàbù, dókítà egungun, nọ́ọ̀sì ojú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì tún wọ yàrá ìgbẹ̀bí látìgbà tí wọ́n ti jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ọdún 2023 ni àbájáde ìdánwò náà jáde. Ilé ìwòsàn 80 ni wọ́n lò, ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Gúúsù Áfíríkà àti Tànsáníà, àwọn obìnrin tó bímọ lójú ara níbẹ̀ sì lé ní 210,000. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé bí a bá tètè rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà jù lẹ́yìn ìbímọ, tí a sì ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé ewu yóò dín kù? Tẹ́lẹ̀, ojú lásán la fi ń díwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Bó bá sì pọ̀ jù, a ó fún abiyamọ ní oògùn kan, a ó dúró wò ó, bí kò bá ṣiṣẹ́ a ó tún gbìyànjú òmíràn. Níbi ìdúró yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ.

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ bí ẹni ń kọ ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Ó tó 1,100 ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dìde dúró ní pálọ̀, tí mo fi fóònù ka àkókò, tí mo sì kà á sókè bí mo ṣe máa sọ ọ́, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Nínú ọkàn mi, ìṣẹ́jú márùn-ún ló jẹ́ nígbà tí mo kà á láìlanu. Kíkà láìlanu kì í ṣe òṣùwọ̀n rárá. Mo ṣírò rẹ̀ pé bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 120 ọ̀rọ̀ ni mo ń sọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà 560 ni mo gbọ́dọ̀ má kọjá, kí ààyè ìmí díẹ̀ lè ṣẹ́kù.

Ìdajì ọ̀rọ̀ mi ni láti lọ. Àlàyé nípa bí wọ́n ṣe ṣírò àbájáde ló kọ́kọ́ lọ, orúkọ àwọn tó ṣe é tẹ̀lé e, gbogbo tábìlì náà sì lọ pẹ̀lú wọn. Mo fi gbólóhùn kan péré sílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe pín ẹgbẹ́, nítorí bí kò bá sí i, kò sẹ́ni tó máa gba ìyókù gbọ́: “Ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣẹ́ gègé pín sí ẹgbẹ́ méjì, kì í ṣe obìnrin kọ̀ọ̀kan, torí agbẹ̀bí tó bá ti kọ́ ọgbọ́n tuntun ní àárọ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀ fún abiyamọ tó wọlé ní ọ̀sán.” Mo fi kún un pé wọ́n ti kọ́kọ́ wo gbogbo ilé ìwòsàn náà fún oṣù méje kí wọ́n tó ṣẹ́ gègé, kí wọ́n lè mọ ipò tí kálukú wà.

Lẹ́yìn náà ni mo kan ọ̀rọ̀ 500 mílílítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ojú ara, a gbà pé ó ti pọ̀ jù. Bó bá tó 1,000, ó ti le gan-an. Àmọ́ kí ni 500 mílílítà lójú dókítà eyín? Mo sè sóbò lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Mo fi jọ́ọ̀gì wọn 500, mo dà á sórí aṣọ ìbora àtijọ́ kan tí mo tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní bàlùwẹ̀. Ó ràn ká, ó wọnú aṣọ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ gan-an. Mo pe bàbá àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sọ iye tó jẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní kò lè ju ife tíì kan lọ, bóyá 200. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ náà kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí aṣọ bá ti fa ẹ̀jẹ̀ mu. Mo dúró níbẹ̀ mo ń wo aṣọ yẹn, mo sì mọ̀ pé mo ti rí ọ̀nà tí màá gbé e gbà. N kò lè da sóbò sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan jẹ́ nǹkan bí 500 mílílítà, kò sì sẹ́ni tí kò tíì di í mú rí ní Àbújá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: gbé ọ̀rá kan sókè, “èyí ti pọ̀ jù”, gbé ìkejì tì í, “èyí ni ewu ńlá.”

Ìtọ́jú tuntun náà wá rọrùn láti sọ. Wọ́n máa ń tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí abiyamọ, tó ní àpò tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sí, tí wọ́n sì fa ìlà sí lára. Bó bá ti dé ìlà 500, tàbí tó dé 300 tí ìlù ọkàn tàbí ìfúnpá obìnrin náà kò sì dára, agbẹ̀bí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè le, yóò fún un ní ọ́síítósìn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì, yóò fún un ní tiranẹsámíìkì ásíìdì kí ẹ̀jẹ̀ lè dì, yóò so omi sí i lára, yóò yẹ ojú ara wò bóyá ó ya, yóò sì ké sí ẹni tó jù ú lọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́ ni àbájáde, mi ò bá má sì mọ̀ ká ní mi ò ní kí wọ́n gbọ́ ọ ṣáájú. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo pe mẹ́ta nínú àwọn tó máa wá sí ìpàdé náà sílé: dókítà eyín kan tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá, apòògùn kan, àti àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi tán, mo ní kí oníkálukú sọ ohun tó gbọ́ fún mi ní gbólóhùn méjì, kí wọ́n má wo ìwé.

Bọ̀dá ní, “Ìyá Tóbi, ohun tí mo gbọ́ ni pé ọ̀rá yìí dín ikú abiyamọ kù ní ìdá 60 nínú 100. Ìyanu ni.”

Ara mi tutù. Kì í ṣe ohun tí ìdánwò náà rí nìyẹn. Ohun tí wọ́n kà jọ pọ̀ ni obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 1,000 mílílítà, tàbí tí wọ́n la ikùn rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹ̀jẹ̀ 1,000 yẹn ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó kú kéré níye ní ẹgbẹ́ méjèèjì, ìdánwò náà kò sì tóbi tó láti fi ìyàtọ̀ hàn kedere nípa ikú nìkan.

Mo lọ wo ìwé mi. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Gbólóhùn kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ló ń pa abiyamọ jù lágbàáyé. Òtítọ́ ni. Ní ìlà kẹta lẹ́yìn rẹ̀, mo kọ ọ́ pé ewu náà “dín kù ní ìdá 60”. Òtítọ́ náà ni. Àmọ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa gbọ́ ikú, ó gbọ́ 60, ó sì so ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Àtòtẹ̀léra ọ̀rọ̀ mi ló ṣì í lọ́nà.

Mo tún un tò. Ikú kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n kà, kí n tó dárúkọ iye kankan, mo sì pa ìdá 60 tì, mo fi ènìyàn ka ènìyàn. Bó ṣe wá rí rèé:

“Ẹ wo ọ̀rá méjì yìí. Iye obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó báyìí, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n là níkùn àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa, ni wọ́n kà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, 43 ni nínú 1,000. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá onílà àti ìtọ́jú àpapọ̀, 16 ni. Bí a bá tiẹ̀ fi àṣìṣe orí ìṣirò sí i, ó kéré tán, ewu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ìdánwò yìí kò fi hàn lọ́tọ̀ pé ikú dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìyẹn kúrò níbí.”

Àǹtí láàbù ní gbólóhùn ìkẹyìn yẹn yóò tú ọ̀rọ̀ mi lára. Mo fi sílẹ̀. Mo ti rí abiyamọ tí ẹ̀jẹ̀ mú lọ, n kò sì fẹ́ fi orúkọ wọn polówó ohun tí ẹ̀rí kò tíì dé.

Apòògùn náà gbé ìbéèrè mìíràn dìde: oògùn wo gan-an ló ṣiṣẹ́? Ó dára bó ṣe béèrè, torí mo ti kọ ìlà kan tó gbé tiranẹsámíìkì ga ju àwọn yòókù lọ. Ìdánwò yìí kò lè sọ ìyẹn, nítorí ẹ̀kọ́, ọ̀rá àti oògùn jọ wọlé ni. Mo pa ìlà náà rẹ́. Dípò rẹ̀, mo fi ohun tó jọ pé ó fa ìyàtọ̀ náà sí i: nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ jù lóòótọ́, 93 ni wọ́n rí níbi tí wọ́n ti lo ọgbọ́n tuntun, ṣùgbọ́n 51 péré ni níbi tí wọ́n ti ń fojú wò ó. Iye kan tún wà nípa àwọn tó gba ìtọ́jú náà pé pérépéré, 91 sí 19 nínú 100. Mo kọ ìyẹn sórí páálí kékeré, mo fi sápò, bóyá ẹnìkan á béèrè.

Ní ọjọ́ náà, mo lo ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú-àáyá 50. Nígbà tí mo gbé ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kejì sókè, gbọ̀ngàn dákẹ́. Dókítà egungun kan ló kọ́kọ́ nawọ́, wọ́n béèrè bóyá èyí kan àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún. Mo ní rárá sà, àwọn tó bí lójú ara nìkan ni wọ́n wò. Ní àsìkò oúnjẹ, mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ojú kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ikú ti dín kù. Kí n tó débẹ̀, Bọ̀dá ti gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀: “Rárá o, àǹtí. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀rá méjì ni wọ́n ní ó dín kù.”