Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀dínwó Ya Oníbàárà Oníkánjú Kúrò Lára Onísùúrù

Oníbàárà méjì lè dúró síwájú ọjà kan náà, kí agbára ọ̀kan ká ìlọ́po méjì owó tí èkejì lè san, kò sì sí èyí tó máa sọ tinú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Àsìkò la fi ń mọ̀ wọ́n. A ó kọ́kọ́ ta ọjà ní owó gíga, a ó sì dín in lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹni tí kò lè dúró á rà á báyìí, onísùúrù á dúró de ẹ̀dínwó.

Nígbà tí o kò bá tajà lọ́wọ́, bi àwọn tó mọ irú ọjà náà ní ìbéèrè méjì: èló ni wọ́n lè san bí wọ́n bá máa mú un lọ lónìí, èló sì ni bí ó bá di oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rí i gbà? Ìbéèrè kejì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń fò, òun gan-an ló sì ṣe pàtàkì jù. Ìwé àti pẹ́ńsù ti tó fún iṣẹ́ yìí. Bí kò bá sí àyè àtibèèrè, wo àkọsílẹ̀ ọjà àtijọ́: ta ló máa ń wá ní ọ̀sẹ̀ tí ọjà tuntun bá dé, ta ni a kì í rí àfi ọjọ́ ẹ̀dínwó?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàtà tuntun là ń tà. Ẹyọ owó 10 ni bàtà kan ná wa, ènìyàn 100 ló sì fẹ́ rà á. 30 nínú wọn jẹ́ oníkánjú: wọ́n lè san 100 lónìí, ṣùgbọ́n 70 péré bí ó bá di oṣù mẹ́ta. Àwọn 70 yòókù lè san 40 lónìí, tàbí 38 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí a bá ta á fún gbogbo wọn ní 40, èrè wa jẹ́ 3,000. Bí a bá dì í mọ́ 100, oníkánjú nìkan ló máa rà á, èrè á jẹ́ 2,700.

Owó ẹ̀dínwó kò le: 38 ni. Owó àkọ́kọ́ ló ń da ètò rú. Ọ̀pọ̀ ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí oníkánjú lè san 100, kí àwọn fi í sí 95. Wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí oníkánjú bá rà á ní 95, 5 péré ló jèrè. Bí ó bá dúró, á fi 38 ra ohun tó tó 70 lójú rẹ̀, èrè rẹ̀ á di 32. Kí ló máa mú un rà á báyìí? Òun náà á dúró, gbogbo ènìyàn 100 á sì rà á ní 38. Èrè wa á di 2,800, kò tó 3,000 tí à bá rí láìṣe wàhálà kankan.

Nítorí náà, ẹ̀dínwó la ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mú owó ẹ̀dínwó, kí o fi ohun tí ìdúró máa gbà lọ́wọ́ oníkánjú kún un. Láti 100 sí 70 jẹ́ 30. 38 àti 30 jẹ́ 68. Má fi í sí 68 gan-an, nítorí ìyẹn sọ ríra àti dídúró di ọgbọọgba. Yọ ẹyọ kan, kí ó di 67. Oníkánjú 30 á mú 1,710 wá, onísùúrù 70 á mú 1,960 wá, àpapọ̀ 3,670.

Kí o tó lẹ owó mọ́ ọjà, tún ìṣirò náà ṣe bí ẹni pé ìdúró ò dun oníkánjú tó bẹ́ẹ̀. Bí 100 bá di 95 péré, owó àkọ́kọ́ kò lè ju 42 lọ, èrè á jẹ́ 2,920. Owó kan ṣoṣo sàn ju ìyẹn lọ. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Nancy Stokey fi èyí hàn ní 1979: bí gbogbo oníbàárà bá ń wo àsìkò bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ń tà, dídín owó bí ọjọ́ ṣe ń lọ kò lè mú èrè wá ju owó kan ṣoṣo lọ. Àfi kí àwọn tó lè san jù jẹ́ àwọn tí ìdúró ń dùn jù. Ọjà tí àṣà rẹ̀ ń yára kọjá bá a mu. Ọjà tí kò yàtọ̀ lónìí àti lọ́dún tó ń bọ̀ kò bá a mu.

Lẹ́yìn náà, mú ọjọ́, má sì yẹ̀ ẹ́. Bí oníkánjú bá ti rà tán, ọwọ́ á máa yún ọ láti dín owó lójú ẹsẹ̀ fún àwọn tó kù. Má ṣe é. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, Ronald Coase, ti tọ́ka sí i ní 1972 pé bí àwọn tó ń ra ọjà tó ń pẹ́ lọ́wọ́ bá mọ̀ pé ẹni tó ń tà kò lè ṣe kó má dín owó láìpẹ́, wọn ò ní san owó gíga rárá. Bí o bá fa oṣù mẹ́ta wá sí oṣù kan, ìdúró ò ní gba 30 lọ́wọ́ oníkánjú mọ́, 67 yẹn á sì ti pọ̀ jù nígbà tí o bá tún kó ọjà tuntun dé.

Máa kọ orúkọ àwọn tó rà á sílẹ̀, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ẹ̀dínwó kọ̀ọ̀kan. Bí títà ní owó gíga bá ń lọ sílẹ̀ gan-an ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀dínwó, tí orúkọ àwọn tó máa ń rà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti ń hàn ní ọjọ́ ẹ̀dínwó, àlàfo àárín owó méjèèjì ti pọ̀ jù. Owó àkọ́kọ́ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá fi ẹ̀dínwó kún ẹ̀dínwó, àlàfo yẹn ló tún máa fẹ̀ sí i.