Fáìlì tí a ṣèèṣì pa rẹ́ lórí fíláàṣì: ṣé ó ṣì ṣeé gbà padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣèèṣì pa fáìlì Word iṣẹ́ àṣekágbá mi rẹ́ lórí fíláàṣì 8GB. Mo wá a dé inú Recycle Bin, kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo da fíìmù 700MB sórí fíláàṣì ọ̀hún. Ṣé ìrètí ṣì wà?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ yọ fíláàṣì náà, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i mọ́. Ohun tí a bá pa rẹ́ lórí fíláàṣì kì í sábà gba inú Recycle Bin kọjá, ṣùgbọ́n kì í pòórá lójú ẹsẹ̀. Lórí FAT32, ọ̀nà ìtò fáìlì tó wọ́pọ̀ lórí fíláàṣì, Windows kàn máa ń fi àmì rọ́pò lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ fáìlì, á sì nu àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wà. Ara fáìlì ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi gba àyè rẹ̀.

Fíìmù yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ wo Properties fíláàṣì náà. Bí àyè púpọ̀ bá ṣì ṣófo, ó ṣeé ṣe kí fíìmù má dé orí fáìlì yín. Bí fíìmù bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, ó ṣòro. Ẹ má wulẹ̀ pa fíìmù náà rẹ́ báyìí. Ohun tó bá ti kọ lé lórí kò ní padà.

Ìbéèrè: Ó ṣì ku 5GB. Àmọ́ bí mo ṣe tún fi í sínú kọ̀ǹpútà, Windows ní òun fẹ́ ṣe "Scan and fix".

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Àtúnṣe yẹn máa ń kọ nǹkan sórí fíláàṣì. Ẹ gba Windows File Recovery láti Microsoft Store, ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú "Run as administrator", kí ẹ tẹ:

```
winfr E: C: /extensive /n *.docx
```

Ẹ fi lẹ́tà fíláàṣì yín rọ́pò E. Inú C ni ohun tó bá rí máa bọ́ sí, nínú fódà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Recovery. Ẹ má ṣe gbà á padà sórí fíláàṣì kan náà láé, torí ẹ lè fi èyí tí ẹ rí pa èyí tí ẹ kò tíì rí.

Ìbéèrè: Mo rí i, ó tiẹ̀ tó 2MB bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ Word ní ó ti bàjẹ́.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé fíìmù ti gba apá kan nínú rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi ni àwọn apá rẹ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ ti nù, irinṣẹ́ á kàn gbà pé wọ́n tò tẹ̀ léra, á sì kó tẹlòmíràn mọ́ ọn. Fíláàṣì tó bá ti ń kún, tí a sì ń pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ náà lórí fíláàṣì gan-an, ẹ̀dà àtijọ́ lè wà. Bí Word bá ń fi iṣẹ́ pamọ́, ó máa ń kọ ẹ̀dà tuntun sí ẹ̀gbẹ́, á wá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ ní orúkọ .tmp. Ẹ tún àṣẹ yẹn tẹ̀, kí ẹ fi `*.tmp` rọ́pò `*.docx`. Ẹ wá èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2MB, ẹ sọ ìparí orúkọ rẹ̀ di .docx, kí ẹ tó ṣí i.