Haaṣi tébù tó o fi C kọ ń sọ kíì nù? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan péré ni mo fi sínú ẹ̀, púrógíráàmù ti kú.

`malloc` lo fi ṣe àrẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í nu ibẹ̀ mọ́. Pàǹtírí tó bá nínú mẹ́mọ́rì ló ń tẹ̀lé bíi pé pọ́íńtà ni. Lo `calloc`.

Mo fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ojú mi báyìí ló ṣe wọlé, mo wá a padà, ó ní kò sí.

`==` lo fi ń yẹ síríìngì wò. Àdírẹ́ẹ̀sì nìyẹn ń wò, kò wo lẹ́tà rárá. `strcmp(a, b) == 0`. Èyí ni wọ́n máa ń bi mí jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mo kà látinú fáìlì, ṣùgbọ́n tí mo bá tẹ tébù jáde, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló wà nínú gbogbo nóòdù.

Bọ́fà kan ṣoṣo lo fi ń kàwé, àdírẹ́ẹ̀sì bọ́fà yẹn náà lo wá kó sínú gbogbo wọn. Kí nóòdù kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà tiẹ̀: `strdup(key)`. Tó o bá fẹ́ pa nóòdù rẹ́, `free` ẹ̀dà yẹn náà.

Wọ́n ní kí tébù fẹ̀ tó bá ti fẹ́ kọjá 0.75, tèmi kì í fẹ̀ àfi tó bá kún pátá.

Mo mọ ohun tó o kọ: `t->count / t->cap > 0.75`. Nọ́ńbà odindi ni count, ìyẹn iye kíì, àti cap, ìyẹn iye bọ́kẹ́ẹ̀tì, C á sì gé ohun tó bá ṣẹ́kù dànù, torí náà 3 / 4 di 0, ó sì máa jẹ́ 0 lọ títí count máa fi bá cap dọ́gba. Ìgbà yẹn ló máa di 1, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọjá 0.75. Fi ìsọdipúpọ̀ ṣe é, kó o bọ́ lọ́wọ́ ìdá:

```c
if (4 * (t->count + 1) > 3 * t->cap)
    resize(t);
```

Kó o tó so nóòdù tuntun mọ́ ọn ni kó o ṣe àyẹ̀wò yìí. Tí cap bá jẹ́ 4, kíì mẹ́ta á wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìkẹrin ló máa jẹ́ kó fẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Tí kíì bá kéré, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Àfi kí tébù fẹ̀ báyìí, àwọn kan á pòórá, àwọn kan á ṣì wà níbẹ̀, count sì pé geerege. Kò gbé àṣìṣe kankan jáde.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá ṣe lo kàn kó bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lọ sí nọ́ńbà kan náà nínú àrẹ́ tuntun. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. 13 % 4 jẹ́ 1, ṣùgbọ́n 13 % 8 jẹ́ 5, tó o bá fi 13 sílẹ̀ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì 1, inú 5 la ti máa wá a, a ò sì ní rí i láéláé. Gbogbo nóòdù pátá lo máa tún ibùgbé wọn ṣírò pẹ̀lú cap tuntun.

Tó o bá ti ṣe ìyẹn tí kíì ṣì ń pòórá, a jẹ́ pé èyí tó fojú mi rí màbo gan-an ni. Àbúrò kan ló gbé kóòdù ẹ̀ wá, ó ti pààrọ̀ fọ́ńṣọ̀n haaṣi lẹ́ẹ̀mélòó kan torí ó gbà pé ibẹ̀ ni wàhálà wà, èmi náà jókòó tì í, a tẹ ìtọ́ka kọ̀ọ̀kan jáde, gbogbo ẹ̀ ló tọ̀nà. Ohun tó wà nínú lúùpù ẹ̀ rèé:

```c
while (n) {
    unsigned j = hash(n->key) % newcap;
    n->next = fresh[j];
    fresh[j] = n;
    n = n->next;
}
```

Tó o bá kà á wéré, kò sí ohun tó ṣe é. Wá jẹ́ ká fi nọ́ńbà rìn ín, ká ní haaṣi nọ́ńbà ni nọ́ńbà náà fúnra ẹ̀. Cap jẹ́ 4, a fi 5, 9, 13 sínú ẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì 1 ni gbogbo wọn bọ́ sí. Iwájú la máa ń so tuntun mọ́, torí náà ẹ̀wọ̀n nóòdù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ́ 13, 9, 5. Ìkẹrin dé, tébù fẹ̀ di 8. Lúùpù mú 13, ibùgbé ẹ̀ tuntun ni 5, òfìfo ṣì ni ibẹ̀, torí náà `n->next` di NULL. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ní `n = n->next`. NULL ló rí, ó parí. 9 àti 5 ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sí pọ́íńtà kankan tó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Okùn tó fẹ́ tọ̀ lọ ló fọwọ́ ara ẹ̀ já kó tó tọ̀ ọ́. Count ò mọ nǹkan kan torí ẹnikẹ́ni ò dín in kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń yè: ẹni tó bá wà níwájú ẹ̀wọ̀n ló ń yè, ìyẹn ẹni tó wọlé kẹ́yìn nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ohun tó wá jẹ́ kó pẹ́ kí n tó rí i ni pé ẹnìkan ti sọ fún un pé nọ́ńbà tí kì í ṣe ìlọ́po méjì dáa jù, ló bá yí cap tuntun sí `2 * cap + 1`, púrógíráàmù ò wá sọ kíì nù mọ́, ṣe ló kàn dúró gbagidi. Ó ní àṣìṣe tuntun nìyẹn. Rárá o, òun kan náà ni! Fi 4, 5, 13 sínú tébù tó jẹ́ 4, kó o wá fẹ̀ ẹ́ sí 9. 4 wà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì 0, ó lọ sí 4. Ó wá kan bọ́kẹ́ẹ̀tì 1, 13 ló wà níwájú, 13 % 9 náà jẹ́ 4. `next` 13 wá ń tọ́ka sí nóòdù 4, lúùpù bá tẹ̀lé e lọ sínú ẹ̀wọ̀n tuntun, ó tún nóòdù 4 so mọ́ iwájú 13, ó padà sórí 13, ó tún padà sórí 4, kò lè tán láyé. Tó bá jẹ́ ìlọ́po méjì gééré, èyí ò lè ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó wà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì i kò níbòmíì tó lè lọ ju i tàbí i + 4 lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ méjì ò lè pàdé nínú tuntun kan.

Ìwòsàn ẹ̀ ò ju kó o tọ́jú ẹni tó kàn kó o tó yí pọ́íńtà padà:

```c
Node *next = n->next;
n->next = fresh[j];
fresh[j] = n;
n = next;
```

Kó o wá kọ fọ́ńṣọ̀n kékeré kan tó máa rin gbogbo ẹ̀wọ̀n, tó máa ka nóòdù níkọ̀ọ̀kan, kó o pè é lẹ́yìn `resize`. Tí iye tó kà bá kéré sí count, o ti rí i. Tó bá jẹ́ pé ó dúró gbagidi ni, ṣí i nínú `gdb`, tẹ `run`, tó bá ti dúró, tẹ Ctrl+C, tẹ `bt`, `resize` lo máa bá níbẹ̀.

Ṣé mi ò kàn lè pe insert nínú resize ni?

O lè ṣe é, ṣùgbọ́n nóòdù tuntun ló máa dá, àwọn àtijọ́ á wà nílẹ̀ àfi tó o bá `free` wọn, count á di ìlọ́po méjì àfi tó o bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di 0. Tó o bá sì gbàgbé láti yí cap kó o tó pè é, `insert` á tún pe `resize`, `resize` á tún pe `insert`, títí sítáàkì fi máa kún. Gbé nóòdù tó wà nílẹ̀ lọ, ó rọrùn jù.

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò sọ kíì nù mọ́, ṣùgbọ́n ó ń kú lójijì nígbà míì.

Ó ṣeé ṣe kó o ti `free` àwọn nóòdù pẹ̀lú àrẹ́ àtijọ́. Àrẹ́ nìkan ni kó o tú sílẹ̀, `free(old)`, àwọn nóòdù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbòmíì. Fi `-fsanitize=address -g` kọ́ ọ padà, kó o tún un rìn. Tó bá kọ `heap-use-after-free`, ó máa sọ ìlà tó ti tú u sílẹ̀ àti ìlà tó ti lò ó. Tó o bá wo ìlà méjèèjì tí kò ṣì yé ọ, ìgbà yẹn ni kó o gbé e lọ bá ẹni tó ń kọ́ yín, kó o mú ohun tó tẹ̀ jáde yẹn dání lódindi, torí “kò ṣiṣẹ́” nìkan ò lè jẹ́ kó rí nǹkan kan ṣe sí i.