Bí mo ṣe tún bátìrì mẹ́rin so ní Kúbúwà

Omi ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní ìparí oṣù kẹta, nígbà tí ooru Abùjá kì í jẹ́ kéèyàn sùn, mo ṣí ìdérí bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa láti bu omi bátìrì sí i. Méjì tó sún mọ́ ínfátà mu ìgò kan àbọ̀. Méjì tó wà lẹ́yìn kò mu ju ìdajì ìgò lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà la ra gbogbo wọn, orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n sì wà.

Bátìrì kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 12, áńpíà-wákàtí 200, ínfátà wa sì ń lo fóltì 24. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so wọ́n ní méjì méjì ní síríìsì: nẹ́gẹ́tífù ti àkọ́kọ́ wọ pọ́sítífù ti èkejì, fóltì di 24, áńpíà-wákàtí ò kúrò ní 200. Ìlà méjì la rí báyìí: ti iwájú tó sún mọ́ ínfátà, àti ti ẹ̀yìn. Wọ́n wá so ìlà méjèèjì ní páráléèlì, pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, nẹ́gẹ́tífù mọ́ nẹ́gẹ́tífù. Fóltì dúró sí 24, áńpíà-wákàtí di 400. Ká ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n so ní síríìsì, fóltì 48 ni ì bá jáde, ínfátà wa ì bá sì ti jó.

Ìṣirò yìí kò ní àbùkù kankan. Mítà sì ń ka fóltì tó yẹ. Kí ló wá ń mu omi?

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò tó mọ iṣẹ́ iná gbé mítà kan wá, èyí tó lẹ́nu bí ẹ̀mú tó ń gbá wáyà mọ́ra. (Kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló ń ka iná bátìrì o, iná Nẹ́pà nìkan ni àwọn mìíràn mọ̀.) Ó ní kí n ki áyọ́ọ̀nù mọ́ iná. Wáátì 1200 ni áyọ́ọ̀nù wa. Pín in sí fóltì 24, áńpíà 50 ni. Fi ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, ó di nǹkan bí 56. Ìlà iwájú ka 33, ti ẹ̀yìn ka 23.

“Wo ibi tí wáyà ínfátà méjèèjì ti jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n, ìlà iwájú náà ni.”

“Ó dáa. Iná ìlà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ gba wáyà ìsopọ̀ méjì kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ínfátà. Ti iwájú kò gba ọ̀kankan.”

Mo jiyàn. Wáyà kúkúrú bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ dí lọ́wọ́? Ó ní ìdíwọ́ inú bátìrì fúnra rẹ̀ kéré gan-an, nítorí náà wáyà kúkúrú àti bóòtù tí kò fún dáadáa ti tó láti da ìpín iná rú. Bí ìlà iwájú ṣe ń gbé ẹrù jù, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gba iná jù nígbà tí páńẹ́ẹ̀lì sólà bá ń gbé iná sínú bátìrì. Omi rẹ̀ ló ń lọ níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo tún un so. Mo pa ínfátà, mo kọ́kọ́ já wáyà páńẹ́ẹ̀lì, kí n tó já nẹ́gẹ́tífù bátìrì. Mo bọ́ òrùka, mo sì fi téèpù wé ọwọ́ sípánà, torí sípánà tó bá kan pọ́sítífù àti nẹ́gẹ́tífù lẹ́ẹ̀kan náà lè yọ́ mọ́ ọn.

Mo fi pọ́sítífù ínfátà sílẹ̀ lórí ìlà iwájú, mo gbé nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Báyìí, ìlà kọ̀ọ̀kan ń gba wáyà ìsopọ̀ kan péré kọjá. Kí n tó so pọ́sítífù ìlà méjèèjì padà, mo fi mítà kan àwọn méjèèjì, nígbà tí nẹ́gẹ́tífù wọn ti wà pọ̀. Ó ka fóltì 0.1. Ìyẹn dára. Ká ní ó ka nǹkan bí 50 ni, á jẹ́ pé mo ti yí ìlà kan sódì. Ká ní ó ka fóltì kan tàbí méjì, màá kọ́kọ́ gbé iná sínú ìlà tó rẹlẹ̀, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kan á tú iná lu èkejì.

Nígbà tí mo fẹ́ so wáyà ínfátà, ó ta páá! Ọkàn mi fò. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín: kapásítọ̀ inú ínfátà ló ń gba iná, kò sí nǹkan tó bàjẹ́.

Áyọ́ọ̀nù kan náà, ìlà kan ka 29, èkejì 27. Nígbà tí mo tún ṣí ìdérí ní ìparí oṣù karùn-ún, ìgò kan ni ìlà iwájú mu. Ti ẹ̀yìn mu ju ìdajì ìgò ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò kan.