Bí mo ṣe tún Ìwé Ìtọ́kasí mi tò lóru kí n tó fi pírójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni súpáfáísọ̀ mi ní kí n gbé pírójẹ́ẹ̀tì wá. Orí márààrún ti parí, wọ́n ti kà á, wọ́n ti buwọ́ lù ú, ohun tó kù ò ju Ìwé Ìtọ́kasí lọ. Yorùbá ni mò ń kà níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, Yorùbá náà la sì fi ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì wa, orí oríkì àti ìjálá lèmi kọ tèmi lé, torí náà ìwé àwọn àgbà onímọ̀ wa ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo lò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ṣe é, torí àmì orí ọ̀rọ̀ wa yìí máa ń fa wàhálà tí ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tiẹ̀ ò ní bá pàdé láéláé.

Wọn ò tíì múná wá láti ọ̀sán. Mo ti gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun l'Ówódé kí wọ́n bá mi cháájì ẹ̀, ó kún, mo sì ní páwà báńkì fún fóònù. Mo ti tẹ Ìwé Ìtọ́kasí náà jáde sórí pépà kílẹ̀ tó ṣú, àbúrò mi jókòó tì mí lórí ẹní, òun ló mú tọ́ọ̀ṣì, òun ló mú pépà.

Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan lísìtì yẹn rárá. Inú iṣẹ́ gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí lísìtì wà fún ni kó bá inú iṣẹ́ mu, gbogbo ẹni tá a dárúkọ nínú iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tá ò dárúkọ ò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Mo ṣí Word, mo tẹ `Ctrl+F`, mo kọ `19` síbẹ̀, gbogbo ibi tí ọdún tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 19 wà bá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, mò ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ orúkọ àti ọdún sínú ìwé àjákọ. Nígbà tí ìyẹn tán mo ṣe `20` bákan náà. Ó máa kó nọ́ńbà ojú ìwé àti ọdún ìtàn mọ́ ọn, ẹ fò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí àbúrò mi máa ka tọwọ́ ẹ̀ kí n máa fàlà sí tèmi.

"Àǹtí, Babalọlá 1966 ńkọ́?"

"Ó wà."

"Adébóyè, B. 1967?"

Mo wo inú ìwé àjákọ títí, mi ò rí Adébóyè kankan. Babalọlá 1967 ni mo rí níbẹ̀, òun ò sì rí ìyẹn lórí pépà. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Adébóyè Babalọlá ló wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹni tó bá mi taipu ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rò pé Adébóyè lorúkọ ìdílé. Kò sì ṣeé bá a jà, torí nínú orúkọ tiwa, Adébóyè lè jẹ́ orúkọ àbísọ, ó lè jẹ́ orúkọ ìdílé, bẹ́ẹ̀ náà ni Babalọlá, kò sí ohun tó máa là á fún ẹni tí ò mọ̀ wọ́n. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ Wándé Abímbọ́lá ní "Wándé, A." rí nínú iṣẹ́ ẹlòmíì. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wo fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ẹ̀yìn ẹ̀ tí mo máa ń yà ní láíbìrárì, ibi tí ọdún àti ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ máa ń wà, ìyẹn ló ṣe ìdájọ́. Tẹ́ ẹ bá ń yá ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò ojú ìwé méjèèjì yẹn, ẹ má ya fọ́tò èèpo ìwé nìkan.

Babalọlá yẹn kan náà ló kọ ìwé ìjálá tó jáde lọ́dún 1966, àmọ́ S. A. Babalọlá ló wà lórí ìyẹn. Ẹnì kan náà ni o, Solomon Adébóyè. APA, ìyẹn ìlànà tá a fi ń kọ ìtọ́kasí, ní kéèyàn kọ orúkọ bó ṣe wà lórí ìwé tó lò, kò ní ká sọ wọ́n di ọ̀kan, torí náà méjèèjì dúró bí wọ́n ṣe wà, A. ló sì ṣáájú S. A. bí ọdún tiẹ̀ tiẹ̀ gbẹ̀yìn:

```
Babalọlá, A. (1967). Àwọn oríkì orílẹ̀. Collins.
Babalọlá, S. A. (1966). The content and form of Yoruba ijala. Clarendon Press.
```

Ẹ wò ó pé kò sí ìlú níbẹ̀. APA ẹlẹ́ẹ̀keje ti yọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé kúrò, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló ń kọ ọ́, pírójẹ́ẹ̀tì àwọn tó ti jáde tá a máa ń wò sì kún fún "Ìbàdàn:" àti "Glasgow:". Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.

Èyí tó mú mi lọ́wọ́ dáadáa ni Abímbọ́lá 1975. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lórí pépà àbúrò mi, ìwé ẹsẹ Ifá mẹ́rìndínlógún tí UNESCO tẹ̀. Inú iṣẹ́ mi, ibi mẹ́ta ni mo ti rí Abímbọ́lá 1975, mo wá lọ ka ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì jẹ́ ẹsẹ Ifá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ń sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń sun ewì alohùn, kò sì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé UNESCO yẹn. Inú *Yoruba Oral Tradition* ló ti wá, 1975 lòun náà jáde ní Ifẹ̀, Abímbọ́lá náà ló ṣe àkójọ ẹ̀. Èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n pe ọ̀kan ní 1975a kí n pe ìkejì ní 1975b, ohun tó tọ́ nìyẹn téèyàn kan náà bá kọ ìwé méjì lọ́dún kan. Mo wá ronú ẹ̀ wò. Ìwé àkójọ nìyẹn, orí kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì mú níbẹ̀, orí tí ẹlòmíì kọ ló wà. Ẹni tó kọ orí yẹn lèèyàn ń dárúkọ nínú iṣẹ́, abẹ́ orúkọ tiẹ̀ náà ló máa wà nínú lísìtì, kí "In W. Abímbọ́lá (Ed.)" àti ojú ìwé tí orí náà ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí wá tẹ̀ lé àkọlé. Bí mo ṣe ṣe ìyẹn, Abímbọ́lá 1975 ku ẹyọ kan, kò wá nílò a tàbí b mọ́. Ká ní mo ti sáré fi a àti b sí i, lísìtì á dára lójú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ á wà lọ́rùn Abímbọ́lá.

Ó ti ń lọ sí aago méjì òru nígbà yẹn, àbúrò mi ti ń tòògbé. Mo ní kó lọ sùn, ó ní àfi kí n parí Abímbọ́lá pátá. Mo bá wá `Abímbọ́lá` nínú gbogbo iṣẹ́ kí n lè mọ̀ pé mi ò fo ìkankan, Word ní òun rí i níbi mélòó kan, kò sì sí orí kejì níbẹ̀ rárá! Bẹ́ẹ̀ orí kejì ni mo ti lò ó jù, mò ń fojú ara mi rí i lórí síkíríìnì, Abímbọ́lá, Abímbọ́lá, wọ́n jọra bí ìbejì, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ní tó ń gbà kọ lẹ́tà ọ tó ní àmì nísàlẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà kan odindi, ìkejì jẹ́ o lásán tí wọ́n wá fi àmì ìsàlẹ̀ kún. Ojú wa ò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà yàtọ̀ sí tèmi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti taipu orí kejì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ọ tí ò ní àmì ohùn lórí, bíi ti àárín Babalọlá, ẹ gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn ẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ tẹ `Alt+X`. Tó bá yí padà di `1ECD`, lẹ́tà kan ni. Tó bá jẹ́ `0323` ló yọ lẹ́yìn o, wọ́n lẹ àmì mọ́ ọn ni. Ẹ tẹ `Alt+X` lẹ́ẹ̀kan sí i, á padà bó ṣe wà.

Bí mo ṣe tún un ṣe ni pé mo kópì ọ orí kejì sínú `Find what`, mo fi tèmi sí `Replace with`, mo máàkì `Match case` kí lẹ́tà ńlá àti kékeré má bàa dàpọ̀, mo wá tẹ `Replace All`. Mo tún un ṣe fún ẹ, fún ṣ, àti fún lẹ́tà ńlá wọn. Ẹ máa kópì o, ẹ má tún un taipu, torí kíbọ́ọ̀dù yín ò lè kọ irú èyí tẹ́ ẹ̀ ń wá. Nígbà tí mo tún wá Abímbọ́lá, orí kejì yọ. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ pariwo, "Àǹtí, ó ti rí i!"

Ó kù ká tò ó ní a, b, d. `Sort` tó wà nínú Word máa tò ó lóòótọ́, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń tò ó. O àti Ọ ò yàtọ̀ lójú ẹ̀, torí náà ohun tó fún mi ni Ògúnbọ̀wálé, Ọlábímtán, Ọlátúnjí, Oyèláràn. Álífábẹ́ẹ̀tì tiwa, gbogbo O gbọ́dọ̀ tán kí Ọ tó bẹ̀rẹ̀, súpáfáísọ̀ mi ò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, Oyèláràn ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé Ògúnbọ̀wálé. Bẹ́ẹ̀ náà ni S àti Ṣ, àti orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gb, ìyẹn máa ń dúró dìgbà tí gbogbo G bá tán. Mo jẹ́ kí `Sort` ṣe tiẹ̀ kọ́kọ́, mo wá fọwọ́ gbé àwọn tó kù sí àyè wọn. Mo yí gbogbo lísìtì dúdú, mo tẹ `Ctrl+T`, ìlà kejì wọlé.

Àwọn ọdẹ tí mo lọ gbohùn wọn sílẹ̀ ò wọ inú Ìwé Ìtọ́kasí. Wọn kì í ṣe ìwé, kò sẹ́ni tó lè lọ yá wọn ní láíbìrárì. Orúkọ wọn, àdúgbò wọn àti ọjọ́ tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ wà nínú Àfikún, mo sì kọ àmì ohùn orúkọ wọn pé pérépéré bíi ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, torí ohùn wọn ni gbogbo iṣẹ́ yẹn dúró lé.

Mo sọ ọ́ di PDF kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ má gbé Word lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé o, tí fóǹtì yín ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, àmì á ṣí kúrò lórí lẹ́tà, òmíì á di àpótí kékeré. Aago méje ààbọ̀ mo ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ojú ìwé tó ní Ọlátúnjí ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ fún mi, mo gbé e sún mọ́ ojú, mo wo àmì ìsàlẹ̀ Ọ, mo wo ti òkè á, wọ́n wà níbi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà, mo wá ní kí wọ́n tẹ ìyókù, kí wọ́n sì bá mi dì í.