Bí a ṣe ń to ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù irin sínú ọ́bítà: òru ọjọ́ kan nínú láàbù

Akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó sí láàbù títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí irin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ ètò ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù irin tó ti pàdánù díẹ̀ lára tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni olùkọ́ sì fi gègé pupa fagi lé e. Bó ṣe tú u lóru náà ni mo fẹ́ tò sílẹ̀, nítorí ibi tó há sí gan-an ni ọ̀pọ̀ ń há sí.

Ẹ kọ́kọ́ ya àpótí fún ọ́bítà, ìyẹn àyè tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé nínú átọ́mù. Ọ́bítà s ní àpótí kan, p ní mẹ́ta, d ní márùn-ún. Àpótí kan kì í gbà ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn: ọfà kan lọ sókè, èkejì wá sísàlẹ̀. Òfin tí Pauli gbé kalẹ̀ ní 1925 nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá èyí tó máa kọ́kọ́ kún. Ọ̀pọ̀ máa ń há àwòrán onílà dídàgẹ̀rẹ̀ sórí, ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Ẹ fi 0 fún s, 1 fún p, 2 fún d, kí ẹ sì fi kún nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀. 4s yóò jẹ́ 4, 3d yóò jẹ́ 5, nítorí náà 4s ló ń kọ́kọ́ kún. Bí àròpọ̀ méjì bá dọ́gba, èyí tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ kéré ló ń ṣáájú.

Irin ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 26. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tò ó báyìí: 1s² 2s² 2p⁶ 3s² 3p⁶ 4s². Ó kà á, ogún ti lọ, ó ku mẹ́fà fún 3d. Ẹ má ṣe so wọ́n ní méjì-méjì. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí márààrún ná, kí gbogbo ọfà wọn kọjú sókè, kí ẹ tó fi ẹlẹ́ẹ̀kẹfà bá ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ti ara wọn sẹ́yìn, wọn kì í sì í pín àpótí bí òmíràn bá ṣófo.

Títí débẹ̀, kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ kọ Fe³⁺, irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta, ló dàrú. Ó yọ mẹ́ta lára 3d, nítorí 3d ló wọlé kẹ́yìn, ó sì gba 4s² 3d³. Ó jọ òótọ́ létí.

Àbájáde òṣùwọ̀n ọ̀sán ọjọ́ náà ló tú u. Wọ́n ti fi kírísítálì áláọ̀mù irin, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ èsè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, sínú tẹ́sítúùbù tín-ín-rín, wọ́n so ó rọ̀ sáàárín ẹnu mágínẹ́ẹ̀tì méjì. Bí iná mágínẹ́ẹ̀tì ṣe tàn, ó fa tẹ́sítúùbù náà sísàlẹ̀, òṣùwọ̀n sì kà á pé ó wúwo sí i. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò ní ẹnìkejì nínú àpótí ló ń fa èyí. Bí iye wọn bá jẹ́ n, agbára mágínẹ́ẹ̀tì átọ́mù irin kọ̀ọ̀kan jẹ́ √(n(n+2)).

Ìwé tó kọ àbájáde òṣùwọ̀n náà sí sọ pé agbára yìí jẹ́ 5.9. Ó fi ètò tirẹ̀ ṣírò: 4s² 3d³ ní mẹ́ta tó dá wà, √15 sì jẹ́ 3.87. Kò bára mu. Ó wá yọ méjèèjì inú 4s kúrò ná, kó tó yọ ọ̀kan lára 3d. Ó ku 3d⁵: márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀. √35 jẹ́ 5.92.

Ohun tí olùkọ́ ti ń sọ nìyẹn. Ètò ìwọlé kọ́ ni ètò ìjáde. Inú irin, 4s ló nà jìnnà sí àárín átọ́mù ju 3d lọ, nítorí náà inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yọ. Fe²⁺ jẹ́ 3d⁶, Fe³⁺ jẹ́ 3d⁵. Ẹ má fi Fe²⁺ dá ara yín wò, torí àṣìṣe 4s² 3d⁴ náà ní mẹ́rin tó dá wà gẹ́gẹ́ bí 3d⁶. Mágínẹ́ẹ̀tì kò ní fi ìyàtọ̀ hàn.

Iye 5.9 yìí jẹ́ ti irin tí omi yí ká, bíi ti áláọ̀mù. Bí sáyánáìdì ló bá yí Fe³⁺ ká, bíi nínú K₃[Fe(CN)₆], ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń so pọ̀ di méjì-méjì, ọ̀kan péré ló ń ṣẹ́kù láìní ẹnìkejì. Òfin àròpọ̀ náà sì ní ibi tó ti kùnà: ó sọ pé Cr jẹ́ 4s² 3d⁴, ṣùgbọ́n 4s¹ 3d⁵ ló jẹ́, Cu náà jẹ́ 4s¹ 3d¹⁰. Àwọn méjèèjì yìí, ẹ há wọn sórí.